Kí Ẹ Tó Gba Owó Oṣù Tó Dín ní Àkókò Ìdánwò: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ṣírò, Kí Ẹ sì Béèrè

Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń sọ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́ pé: "Owó oṣù ipò yìí nìyí o, àmọ́ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ tí a ó fi dán yín wò, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ la ó máa san. Bí a bá ti kọnfáàmù yín tán, ẹ ó máa gba gbogbo rẹ̀." Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kò burú, oṣù mẹ́fà kì í pẹ́ parí. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni ilé iṣẹ́ sọ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Èkíní, pé owó máa dín, dájú láti ìparí oṣù àkọ́kọ́. Èkejì, pé owó máa pé, wà lọ́wọ́ wọn nìkan, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí kò ṣeé yí pa dà.

Ojú tí mo fi ń wo owó tí wọ́n yọ yìí ni ojú tí èèyàn fi ń wo owó tó san sílẹ̀ kí ọjà tó dé. Ẹni tó san owó sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ọjà tó ń bọ̀, ọjọ́ tó máa dé, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá dé. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn ni gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ohun tí ẹ máa pàdánù

Kí ìṣirò lè rọrùn, ẹ jẹ́ ká pe owó oṣù kíkún ní 100, owó ìlú yòówù kó jẹ́. Ká sọ pé 75 ni wọ́n máa san fún oṣù mẹ́fà, kó tó di 100. Ohun tí wọ́n ń yọ lóṣù kan jẹ́ 25. Lọ́nà mẹ́fà, ó di 150, ìyẹn owó oṣù kan àti ààbọ̀. Iye yẹn ni ẹ fi ń wọlé síbi iṣẹ́ náà. Lọ́dún àkọ́kọ́, àpapọ̀ owó yín máa jẹ́ 1050 dípò 1200.

Ká wá sọ pé ilé iṣẹ́ kejì fẹ́ san 90 láti oṣù àkọ́kọ́, láìyọ nǹkan kan nítorí ìdánwò. Bí èèyàn bá fojú wò ó lásán, 100 ju 90 lọ. Àmọ́ lópin ọdún àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ kejì á ti san 1080, èkíní á ti san 1050. Ìgbà wo ni ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ máa wá bá èkejì? Ẹ pín 150 tí ẹ pàdánù sí 10 tí owó kíkún náà fi ju 90 lọ, ẹ máa rí 15. Oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn méjèèjì máa dọ́gba. Ìgbà yẹn ni èrè 100 ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ò ní lò tó ọdún kan àti oṣù mẹ́ta níbi iṣẹ́ náà, 90 ló pọ̀ jù fún un.

Ìṣirò kan náà ni ẹ máa lò bí ẹ bá ti níṣẹ́ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Ká sọ pé 85 ni ibi tí ẹ wà ń san. Ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ níbi tuntun, 10 ni owó yín fi máa dín lóṣù kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọnfáàmù yín, 15 ni ẹ máa máa rí lé e lóṣù kan. Ẹ pín 60 sí 15, oṣù mẹ́rin ni. Torí náà, ó máa di ìparí oṣù kẹwàá kí ẹ tó pa dà síbi tí ẹ ì bá wà ká ní ẹ ò kúrò níbi tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá ní 60 yẹn nípamọ́ máa yáwó jẹun láàárín ìgbà náà, èlé owó tó yá sì máa jẹ nínú èrè tó ń retí.

Ẹ ṣe ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ ro ó pé wọ́n sún ìdánwò síwájú ní oṣù mẹ́ta, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ohun tí ẹ pàdánù á di 225. Ibi tí ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ àti èyí tó ń san 90 ti máa dọ́gba á sún láti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún lọ sí àárín oṣù kẹtàlélógún. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì. Bí ó bá wá jẹ́ pé 90 ni wọ́n gbé owó náà dé lẹ́yìn ìdánwò dípò 100 tí wọ́n fẹnu sọ, ẹ ò ní rí owó tí ẹ pàdánù yẹn gbà láéláé.

Ẹ wo ohun tí òfin ìlú yín sọ

Apá yìí kì í gba àkókò púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. Ní àwọn ìlú kan, òfin ti fi ààlà sí iye tí wọ́n lè yọ. Lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, òfin àdéhùn iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008 sọ pé owó àkókò ìdánwò kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 80 nínú 100 owó tó wà nínú àdéhùn tàbí owó tó kéré jù tí wọ́n ń san fún irú ipò bẹ́ẹ̀ nílé iṣẹ́ náà. Ìdánwò kò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni ilé iṣẹ́ kan lè dán òṣìṣẹ́ kan wò. Ní Fíẹ́tínáàmù, òfin iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2021 fi tiẹ̀ sí ìdá 85. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ní ìlànà ọdún 2019 tó fi oṣù mẹ́fà ṣe gbèdéke àkókò ìdánwò, yàtọ̀ sí àwọn ipò díẹ̀ kan. Ní Ìlú Ọba, kò sí ìdá kan pàtó, ṣùgbọ́n owó tó kéré jù lọ tí ìjọba là sílẹ̀ kan òṣìṣẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ wà lábẹ́ ìdánwò.

Nǹkan méjì ni kí ẹ wá nínú òfin tiyín: ṣé ààlà wà lórí iye tí wọ́n lè yọ, ṣé ó sì wà lórí bí ìdánwò ṣe lè pẹ́ tó. Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ rárá, kò sí ohun tó máa gbèjà yín ju lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ lọ.

Ẹ ka gbólóhùn tó sọ̀rọ̀ nípa àfikún owó bí ẹni tó ń wá ihò lára rẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn mẹ́ta yìí wéra:

"A ó ṣàyẹ̀wò owó oṣù yín lẹ́yìn àkókò ìdánwò."

"Owó oṣù yín yóò lọ sókè dé 100 bí iṣẹ́ yín bá tẹ́ wa lọ́rùn."

"Owó oṣù yín yóò di 100 láti ọjọ́ tó tẹ̀ lé oṣù kẹfà, àyàfi tí a bá ti kọ̀wé sí yín ṣáájú ọjọ́ náà pé a kò fìdí iṣẹ́ yín múlẹ̀, pẹ̀lú ìdí rẹ̀."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ kò ṣèlérí nǹkan kan. Wọ́n lè ṣàyẹ̀wò owó náà kí wọ́n sì fi sílẹ̀ bó ṣe wà, wọn ò tíì yẹ àdéhùn. Ìkejì dárúkọ iye, èyí sì dára, àmọ́ kò sọ ọjọ́, kò sì sọ ẹni tó máa pinnu pé iṣẹ́ ti tẹ́ni lọ́rùn. Ẹ̀kẹta ló dáàbò bo òṣìṣẹ́. Ó ní iye, ó ní ọjọ́, bí ilé iṣẹ́ bá sì dákẹ́, òṣìṣẹ́ ni ìdákẹ́ wọn máa gbè. Nínú méjì àkọ́kọ́, bí ọ̀gá bá gbàgbé, tó rìnrìn àjò, tàbí tí wọ́n gbé e kúrò ní ẹ̀ka náà, owó tó dín náà lẹ ó máa gbà lọ.

Bí lẹ́tà tí wọ́n fún yín bá jọ gbólóhùn àkọ́kọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ le, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ṣe kedere:

"Ẹ ṣé fún lẹ́tà yìí, inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Nígbà tí a sọ̀rọ̀, ẹ ní owó oṣù mi yóò di 100 lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. N kò rí iye náà àti ọjọ́ náà nínú lẹ́tà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè fi wọ́n sí i kí n tó fọwọ́ sí i?"

Ìdáhùn wọn máa sọ púpọ̀ fún yín. Ilé iṣẹ́ tó ní i lọ́kàn láti san 100 kò ní fi bẹ́ẹ̀ janpata láti kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìlànà àwọn kò gbà kí wọ́n fi iye sí lẹ́tà, ẹ ní kí wọ́n fi ímeèlì dáhùn pé iye tí a jọ sọ nìyẹn. Ímeèlì kò lágbára tó lẹ́tà, ṣùgbọ́n ó sàn fíìfíì ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Bí wọn ò bá fẹ́ kọ ọ́ síbì kankan, 75 ni kí ẹ fi ṣírò ìpinnu yín. Bí ẹ ò bá lè gba 75 fún odidi ọdún kan, ẹ má gba iṣẹ́ náà nítorí 100.

Ẹ béèrè ọjọ́ tí owó náà máa bẹ̀rẹ̀ gan-an

Ọjọ́ tí ìdánwò parí, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí lẹ́tà kọnfáàmù àti oṣù tí owó tuntun wọlé lè jìnnà síra. Ká sọ pé ìdánwò parí ní ìparí oṣù kẹta. Ọ̀gá kò kọ ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ títí oṣù karùn-ún fi wọ̀, lẹ́tà wá jáde ní ogúnjọ́ oṣù karùn-ún, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ìwé owó oṣù yẹn dé. Oṣù kẹfà ni 100 tó dé. Ẹ ti fi 50 ṣòfò láàárín oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún, kò sì sí àṣìṣe yín níbẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ ni: "Bí lẹ́tà kọnfáàmù bá pẹ́, ṣé ẹ máa san àlékún náà pa dà sẹ́yìn dé ọjọ́ tí ìdánwò parí?" Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn wọn wà lákọsílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ẹ lè béèrè, èyí ló rọrùn jù fún ilé iṣẹ́ láti gbà, torí bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ wọn lásìkò, kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀.

Ẹ béèrè nípa ìsúnsíwájú àti ẹni tó ń pinnu

Ọ̀gá wo ló máa sọ pé ẹ yege? Kí ló máa fi wọ̀n ọ́n? Bí iṣẹ́ náà bá ní iye tí ẹ gbọ́dọ̀ tà tàbí iṣẹ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ parí, ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ ní iye nísinsìnyí, kí ẹ sì mọ̀ bóyá ẹni tó wà nípò náà ṣáájú yín rí i ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n lè sún ìdánwò síwájú, oṣù mélòó lẹ́ẹ̀kan, àti owó tí wọ́n máa san nígbà náà. Lójú tèmi, ó yẹ kí ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ sún un síwájú san owó kíkún lákòókò àfikún náà, tàbí ó kéré tán kó gbé owó náà sókè díẹ̀, torí ẹni tí wọn ò bá fẹ́ rárá ni wọ́n ì bá dá dúró. Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló máa gbà, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ti ronú débẹ̀.

Ìbéèrè kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í bi ẹni tó ń gbà wọ́n síṣẹ́, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ṣí aṣọ lójú ọ̀rọ̀: "Nínú àwọn tí ẹ gbà sí ẹ̀ka yìí láàárín ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn mélòó ni ẹ kọnfáàmù ní ọjọ́ tó yẹ?" Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tàbí tó ti kúrò níbẹ̀, ẹ bi òun náà. Ẹ tún wo bí ìkéde ipò kan náà bá ń jáde léraléra lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ilé iṣẹ́ tó bá ń gba ẹlòmíì sí ipò kan náà ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà lè máa fi owó àkókò ìdánwò gbé iṣẹ́ rẹ̀ ró, láìní i lọ́kàn láti san owó kíkún fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo àwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n rọ̀ mọ́ ìdánwò

Owó oṣù nìkan kọ́ ni wọ́n máa ń yọ. Ẹ béèrè bóyá adójútòfò ìlera, owó ìfẹ̀yìntì tí ilé iṣẹ́ ń dá, ìsinmi ọdọọdún àti owó ìmóríyá ọdún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ àbí lẹ́yìn kọnfáàmù. Bí ẹ bá ní láti fi owó ara yín san adójútòfò fún oṣù mẹ́fà, ẹ fi kún 150 tí a ṣírò níṣàájú.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ àfikún ọdọọdún. Ilé iṣẹ́ kan lè ka 25 tí wọ́n fi kún owó nígbà kọnfáàmù sí àfikún ti ọdún yẹn, wọ́n á wá ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àfikún kò lè tún gba òmíràn títí di ọdún tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ rèé, kò gba àfikún kankan. Iye tí wọ́n fi polongo iṣẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san pé. Ẹ béèrè tààrà: "Ṣé àlékún kọnfáàmù yìí yàtọ̀ sí àfikún ọdọọdún?" Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá 100 ni wọ́n máa fi ṣírò àfikún náà, àbí 75. Àfikún ìdá 10 nínú 100 lórí 100 jẹ́ 10. Lórí 75, ó jẹ́ 7.5.

Bí ẹ bá fẹ́ dúnàádúrà, ẹ mọ ohun tó níye lórí jù

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ẹ lè ní kí wọ́n gbé 75 dé 85 fún oṣù mẹ́fà, èyí tó máa fi 60 kún owó yín. Ẹ lè ní kí ìdánwò jẹ́ oṣù mẹ́ta dípò mẹ́fà, èyí tó máa fi 75 kún un. Ẹ sì lè ní kí wọ́n san gbogbo 150 tí wọ́n yọ pa dà lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n bá kọnfáàmù yín.

Lórí ìwé, ẹ̀kẹta ló pọ̀ jù. Àmọ́ èmi á kọ́kọ́ béèrè fún ti àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ kéré jù. Láti ìparí oṣù àkọ́kọ́ ni 10 yẹn ti ń wọ àpò yín, bí wọ́n bá sún ìdánwò síwájú, ẹ ṣì ń gbà á, bí wọn ò bá sì kọnfáàmù yín, ẹ ti gbà á ná. Ìdánwò oṣù mẹ́ta tí wọ́n sún síwájú di mẹ́fà kò ṣe yín láǹfààní kankan, owó ìsanpadà sì dúró lé ìpinnu kan náà tó ń kọ yín lóminú. Bí wọn ò bá lè fi kún owó ìdánwò rárá, nígbà náà ni kí ẹ lọ sórí ìkejì, kí ẹ sì rí i dájú pé lẹ́tà sọ pé wọn ò ní sún un síwájú láìsan owó kíkún.

Ẹ ṣọ́ àkókò ìfitónilétí pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, ilé iṣẹ́ lè dá òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ ìdánwò dúró láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ rí i pé ìwọ̀nba àkókò kan náà ló kan ẹ̀yin náà bí ẹ bá fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò tọ́ kí wọ́n lè lé yín ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ̀yin sì ní láti dúró oṣù mẹ́ta lórí owó tó dín.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

Ẹ má dúró de oṣù kẹfà kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ wà. Ní ìparí oṣù kejì àti oṣù kẹrin, ẹ bi ọ̀gá yín ohun tó kù díẹ̀ káàtó, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ímeèlì kúkurú tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i: "Ẹ ṣé, sà. Bí mo ṣe gbọ́ yín, ẹ ní iṣẹ́ mi dára, àmọ́ kí n túbọ̀ yára lórí ìròyìn ọ̀sẹ̀." Ọ̀gá tó ti gba ímeèlì méjì bẹ́ẹ̀ kò ní lè dédé sọ ní oṣù kẹfà pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni inú òun kò ti dùn.

Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá yín àti ẹ̀ka òṣìṣẹ́ papọ̀, kí ẹ dárúkọ ọjọ́ tí ìdánwò máa parí, iye tó wà nínú lẹ́tà yín, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí àyẹ̀wò máa wáyé. Bí ọjọ́ náà bá kọjá tí kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan, ẹ tún kọ̀wé láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta lórí owó tó dín, wọ́n lè sọ pé ó ti gbà bẹ́ẹ̀.

Bí owó kíkún bá dé, ẹ má wo iye tó wọ báńkì nìkan. Ẹ gba ìwé owó oṣù, kí ẹ wo àkọlé owó ìpìlẹ̀ àti ti àjẹmọ́nú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n lè fi 25 náà sábẹ́ àjẹmọ́nú, kí owó ìpìlẹ̀ sì wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì àti àfikún ọdọọdún tí wọ́n ń fi owó ìpìlẹ̀ ṣírò kò tíì kúrò níbi tí wọ́n wà lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ mú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín dání lọ sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́, kí ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe ṣáájú owó oṣù tó tẹ̀ lé e.